Gíráfíìsì inú pírósẹ́sọ̀: ṣé ó lè gbé mi títí owó káàdì yóò fi pé?

Adéwálé Bódìjà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Oṣù tó kọjá ni mo to kọ̀ǹpútà orí tábìlì àkọ́kọ́ mi. Owó tó wà lọ́wọ́ mi ò ká gíráfíìsì káàdì, mo bá mú pírósẹ́sọ̀ Ryzen 5 5600G tí gíráfíìsì ti wà nínú ẹ̀. Èrò mi ni pé n ó máa lo ìyẹn ná, n ó sì máa tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ títí màá fi ra RX 6600.

Mọ́dábọ́ọ̀dù B550 ni, ihò ráàmù mẹ́rin ló wà lórí ẹ̀, ẹyọ 16 GB kan ni mo sì fi sí i. Mo tan GTA V lórí 1920x1080, mo fa gbogbo ètò àwòrán wá sílẹ̀ sí Normal, síbẹ̀ FPS ò ju 30 sí 38 lọ. Tí mo bá ti wa mọ́tò sáré wọ àárín ìlú báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í fà á bíi kẹ̀kẹ́ tí ṣéènì ẹ̀ ń fò. Mo wo Task Manager, Dedicated GPU memory 0.5 GB ló kọ síbẹ̀. Àbúrò mi ní wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé nǹkan yìí lè gbé mi fún bí oṣù mẹ́fà, àbí kí n tètè wá ẹni tó máa rà á?

Bọ̀dá Férémù

Àbúrò, fọkàn balẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lù ọ́. 0.5 GB tó o rí yẹn ni gbogbo wàhálà ẹ. Wọ inú bíósì, wá ibi tí wọ́n kọ UMA Frame Buffer Size sí, kó o gbé e lọ sí 8G. Káàdì 8 GB lo ní yẹn, o ò sì náwó. Èmi náà ṣe é, géèmù kan tó ń lé mi jáde tẹ́lẹ̀ ló wá ń ṣí wẹ́rẹ́.

Tọ́pẹ́ Ṣàgámù

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Tèmi ò tiẹ̀ gbé àwòrán kankan wá. i5-12400F ni pírósẹ́sọ̀ mi. Fáànù ń yí, iná kékeré tí wọ́n kọ VGA sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lórí mọ́dábọ́ọ̀dù ń tàn, mọ́nítọ̀ ní No signal. Wáyà HDMI kẹta rèé tí mo máa pààrọ̀. Ṣé gíráfíìsì inú ẹ̀ ló jóná ni? Bọ̀dá Férémù, bíósì tẹ́ ẹ wí yẹn, báwo lèèyàn ṣe ń wọ̀ ọ́ nígbà tí mọ́nítọ̀ ṣú dùdù?

Ìyá Ìbejì Òṣogbo

Tọ́pẹ́, ọmọ mi, kò sóhun tó jóná. Wo lẹ́tà tó gbẹ̀yìn orúkọ pírósẹ́sọ̀ ẹ. F yẹn túmọ̀ sí pé wọn ò jẹ́ kí gíráfíìsì inú ẹ̀ ṣiṣẹ́. Ihò HDMI tó wà lẹ́yìn mọ́dábọ́ọ̀dù kàn wà fún ẹni tó bá fi pírósẹ́sọ̀ tó ní gíráfíìsì sí i ni. Bó o bá pààrọ̀ wáyà títí ilẹ̀ fi mọ́, kò ní tàn. i5-12400 tí ò ní F ni ì bá fún ẹ láwòrán. Yá káàdì ògbólógbòó lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kan, bó ti wù kó kéré tó, kó o fi tan án. Lọ́dọ̀ Ryzen, 5600 àti 5600X ò ní gíráfíìsì rárá, 5600G ló ní. Ẹni tó bá sì ra Ryzen 5 7600 á rí àwòrán lójú mọ́nítọ̀, àmọ́ kó má retí géèmù ńlá lára ẹ̀. Ẹ̀ka méjì péré ló wà nínú gíráfíìsì ìyẹn, nígbà tí 5600G ní méje.

Adéwálé, má tíì dé bíósì. Ṣí Task Manager, wọ Performance, tẹ Memory. Kí ló kọ síwájú Speed àti Slots used?

Adéwálé Bódìjà

Ẹ ṣé gan-an mà.

```
Speed:       2400 MT/s
Slots used:  1 of 4
```

Àmọ́ 3200 ni wọ́n kọ sára páálí ráàmù yẹn o.

Ìyá Ìbejì Òṣogbo

Àrùn ẹ nìyẹn. Nǹkan méjì ló pa pọ̀ lù ọ́.

Káàdì tó bá dá dúró máa ń gbé ráàmù tiẹ̀ wá látilé. RX 6600 tó o ń lé yẹn, ráàmù ara ẹ̀ lè kó 224 GB kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Gíráfíìsì inú 5600G ò ní ráàmù kankan tiẹ̀. Inú ìkòkò kan ṣoṣo ni òun àti pírósẹ́sọ̀ ti jọ ń bu ọbẹ̀, ráàmù kọ̀ǹpútà ẹ sì ni ìkòkò ọ̀hún. Ẹyọ DDR4 kan máa ń kó báìtì 8 lẹ́ẹ̀kan. Ní 2400, ìyẹn jẹ́ 19.2 GB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, Wíńdòòsì á mú níbẹ̀, géèmù á mú níbẹ̀, àwòrán á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jẹ èyí tó kù. Tó bá jẹ́ ẹyọ méjì ló wà níbẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ọ̀nà tiẹ̀, tó o sì jẹ́ kí wọ́n sáré 3200 tí wọ́n ṣe wọ́n fún, ó di 51.2. Kò sí ibòmíì tó o ti lè rí irú èrè yẹn lára ohun tó wà nílẹ̀ yẹn.

2400 tó o rí yẹn, kì í ṣe pé wọ́n ta ayédèrú fún ẹ. Ráàmù máa ń bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ ni títí wàá fi wọ bíósì lọ tan XMP. Mọ́dábọ́ọ̀dù míì ń pè é ní DOCP, òmíì ní A-XMP.

Bọ̀dá Férémù, ẹ ò parọ́, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ lẹ sọ. Géèmù kan wà tó máa ń kọ́kọ́ bèèrè iye ráàmù gíráfíìsì, tó bá ti rí 0.5 GB á yarí. Irú ìyẹn ni UMA ń ràn lọ́wọ́. Kò fi kún eré rárá, torí ọ̀nà tí ọjà ń gbà kọjá ò tíì fẹ̀ sí i. Wíńdòòsì fúnra ẹ̀ á máa yá gíráfíìsì ní ráàmù tó bá nílò, títí dé bí ìdajì gbogbo ẹ̀. Tí Adéwálé bá wá gbé 8 GB sọ́tọ̀ nínú 16 GB, 7.9 GB ni Wíńdòòsì á máa fi jẹun. Á bẹ̀rẹ̀ sí í fi dísíìkì ṣe ráàmù, kíkọsẹ̀ yẹn á sì wá burú sí i. 2G tó o.

Bọ̀dá Férémù

Mo gbà bẹ́ẹ̀ Mọ́mì Ìbejì, àmọ́ tèmi yára sí i lójú ara mi. 32 GB ni mo ní ṣá, ẹyọ méjì.

Ìyá Ìbejì Òṣogbo

Ẹ ò ṣáà sọ ìyẹn lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀gbọ́n. Ẹyọ méjì yẹn ló ń gbé yín, kì í ṣe UMA.

Láńre Pẹ́kámù

Ẹ kú iṣẹ́ ńbẹ̀ yẹn. London ni mo wà, iṣẹ́ títún kọ̀ǹpútà ṣe ni mò ń ṣe. Gbogbo ohun tí Mọ́mì sọ nípa ráàmù, òótọ́ ni. Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ wọn ni pé èmi ò ní ra ráàmù kejì tí mo bá jẹ́ Adéwálé. Owó yẹn, màá fi díẹ̀ kún un, màá ra GTX 1650 àlòkù. Ráàmù tiẹ̀ wà lára ẹ̀, 128 GB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 75 W ló ń jẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì nílò wáyà iná látinú páwà. Ọjọ́ tí RX 6600 bá dé, á ta 1650.

Ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ fún ẹni tó bá ń lo 5600G báyìí. PCIe 3.0 ni ọ̀nà tó fi ń bá káàdì sọ̀rọ̀, bí mọ́dábọ́ọ̀dù ẹ tilẹ̀ kọ 4.0 sára. Káàdì tó pọ̀ jù lọ ò ní mọ̀ ọ́n lára. Àmọ́ RX 6500 XT, ọ̀nà 4 péré ló ní, 4 GB ni ráàmù ẹ̀, tí ráàmù yẹn bá sì ti kún, orí ọ̀nà tóóró yẹn ni gbogbo ẹrù á máa gbà lọ gbà bọ̀. Mo ti rí ẹni tó fi ìyẹn sórí 5600G tó ń bínú pé wọ́n ta èyí tó bàjẹ́ fún òun. Kò bàjẹ́. RX 6600 ní ọ̀nà 8, òun á ṣe dáadáa níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì Òṣogbo

Láńre, o ò gbé Nàìjíríà mọ́ lo ṣe ń sọ pé á ta 1650. Ta ló máa rà á, èló ló sì máa pa lórí ẹ̀? Ráàmù kejì yẹn á ṣì máa wúlò fún un lọ́jọ́ tí RX 6600 bá dé, torí 16 GB lórí ẹyọ kan ò ní tó géèmù tuntun. 1650 á di ohun tó ń gbé inú dúrọ́ọ̀.

Láńre Pẹ́kámù

Káàdì àlòkù kì í pẹ́ lọ́jà níbi gbogbo o Mọ́mì, tó fi mọ́ Ìkẹjà. Ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀.

Bàbá Ìnfátà

Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ iná látàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe gbogbo wa ni NEPA ń ṣojú rere sí. Mo ní mítà kékeré kan tí mo máa ń ki bọ ojú iná, mo sì fi wọn 5600G tèmi: nígbà tí mò ń ta géèmù, gbogbo àpótí yẹn, láìka mọ́nítọ̀, ń jẹ bíi 90 W. RX 6600 nìkan, 132 W ni wọ́n kọ fún un. Ẹni tó bá ń fi bátìrì kan ta géèmù lálẹ́ á mọ ìyàtọ̀ wákàtí mẹ́ta sí wákàtí kan àti díẹ̀. Ọjọ́ tí mo bá ra káàdì, bátìrì kejì ni mo kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ rà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ti ń lo èyí tó wà nínú pírósẹ́sọ̀ fún ọdún méjì gbáko, tí mi ò sì kánjú.

Ṣadé Oníwòrán

Fún àwọn tí kì í ṣe géèmù ni wọ́n ń ṣe: fídíò ìgbéyàwó ni mò ń gé lórí 5600G, ẹyọ ráàmù 16 GB méjì. Fídíò 1080p ń lọ dáadáa nínú DaVinci Resolve. Tí wọ́n bá gbé 4K wá látinú kámẹ́rà, tí mo bá wá fi àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ kún un, ó máa ń kọ Your GPU memory is full. UMA tí mo gbé sí 4G ló jẹ́ kí ìyẹn dín kù, torí náà ti Bọ̀dá Férémù wúlò fún mi o. Èyí tó kù, ẹ̀dà kéékèèké ni mo fi ń gé e, tí mo bá fẹ́ gbé e jáde ni mo tó padà sórí ojúlówó. Àmọ́ Blender, mo ti jáwọ́ nínú ẹ̀. Nínú Cycles, kò rí gíráfíìsì inú ẹ̀ lò rárá, pírósẹ́sọ̀ nìkan ló ń fi yàwòrán. Àwòrán kan ṣoṣo, mo lọ se ẹ̀wà, mo jẹ ẹ́ tán, kò tíì parí.

Adéwálé Bódìjà

Ẹ̀yin ará, ọ̀sẹ̀ kan ti kọjá. Mo ti ra ẹyọ 16 GB kejì o, àmọ́ ẹ bá mi wò ó. Mo ki í bọnú ihò tó tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́, Wíńdòòsì ti rí 32 GB. FPS ò kúrò níbi tó wà. Mo ṣí CPU-Z, wọ Memory, níwájú Channel # ó ṣì kọ Single. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé àbúrò mi ló sọ òótọ́.

Ìyá Ìbejì Òṣogbo

O ní ihò tó tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́. Ihò wo ni àkọ́kọ́ yẹn wà?

Adéwálé Bódìjà

Èyí tó sún mọ́ pírósẹ́sọ̀ jù mà. Èkejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ gan-an.

Ìyá Ìbejì Òṣogbo

Lójú ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì ń tò nìyẹn. Bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ẹ̀gbẹ́ pírósẹ́sọ̀: ihò 1 àti 2 jọ ní ọ̀nà kan, 3 àti 4 jọ ní èkejì. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà ní ihò 2, ọ̀kan ní ihò 4. Lára mọ́dábọ́ọ̀dù, wọ́n máa ń kọ A2 àti B2 síbẹ̀ wínníwínní. Pa á, yọ iná lára ògiri, kó o tó fọwọ́ kàn án. Tẹ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí wàá fi gbọ́ "ká". Lẹ́yìn náà, tan XMP. Tí ojú mọ́nítọ̀ bá ṣú fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì nígbà àkọ́kọ́, má ṣe pa á. Ó ń dán ráàmù wò ni.

Adéwálé Bódìjà

Mo ti ṣe é o. Ní 3200, ó ṣú, ó tàn, ó ṣú, lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá padà sí bíósì fúnra ẹ̀ pé òun ò lè gbé e. Ẹyọ kejì yẹn kì í ṣe irú kan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, ẹni tó tà á ní kò ṣe nǹkan kan. Mo bá fọwọ́ yan 2933, ó gbé e, kò sì tíì kú láti àná. CPU-Z ti wá ń kọ Dual.

GTA V, ètò kan náà, ojú ọ̀nà kan náà ní àárín ìlú: 54 sí 61. Mo tún fa 1920x1080 wá sí 1600x900, ó kọjá 70. Àbúrò mi ti gba kọ̀ǹpútà náà lọ́wọ́ mi báyìí, kò tíì fún mi padà.

Ìyá Ìbejì Òṣogbo

2933 dára tó. 46.9 GB ni ìyẹn, dípò 51.2. Má lọ fi agbára mú un dé 3200, o ò ní rí i lójú. Ẹni tó bá máa ra ráàmù látìbẹ̀rẹ̀ ni kó ra méjì tó wà nínú páálí kan náà.

Bọ̀dá Férémù

Ìbéèrè tèmi náà rèé. Mo fẹ́ to òmíì fún ọmọ mi. Ṣé kí n mú 8600G tuntun yẹn dípò 5600G? Wọ́n ní gíráfíìsì ẹ̀ lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Láńre Pẹ́kámù

Ó lágbára jù ú lọ lóòótọ́, Radeon 760M ló wà nínú ẹ̀, DDR5 ló sì ń lò. Ẹyọ méjì ní 6000 ń kó 96 GB. Ohun tó tún ṣe pàtàkì ni pé Vega tó wà nínú 5600G ti ń gbó. Láti ìparí 2023, AMD ti ya dráífà Vega sọ́tọ̀, kò rí gbogbo àtúnṣe tí àwọn tuntun ń rí gbà. Kò sì ní ẹ̀rọ fún ìmọ́lẹ̀ onítànṣán tí wọ́n ń pè ní ray tracing, ìyẹn ni Indiana Jones and the Great Circle ti 2024 ò ṣe lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, ẹ bá à fa àwòrán sílẹ̀ dé ibi tó wù yín. Àmọ́ ẹ máa kíyè sí 8500G tó wà lábẹ́ ẹ̀ o, kí wọ́n má tà á fún yín ní pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ọ̀nà 4 péré ló fi sílẹ̀ fún káàdì ọjọ́ iwájú, 8600G fi 8 sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì Òṣogbo

Ẹ wo iye mọ́dábọ́ọ̀dù AM5 àti DDR5 tí 8600G ń lò ná kẹ́ ẹ tó dáhùn. Níbi tí mo ti ṣírò ẹ̀ kẹ́yìn fún oníbàárà kan, ìyàtọ̀ owó àkójọ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ ra káàdì àlòkù tí Láńre ń polówó lẹ́ẹ̀kan. Tó bá jẹ́ pé ẹ máa ra káàdì láàrin ọdún kan, mi ò rí ìdí tẹ́ ẹ fi máa sanwó gíráfíìsì lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá jẹ́ pé ẹ ò ní rà á láéláé, ẹ mú 8600G.

Láńre Pẹ́kámù

AM5 á ṣì gba pírósẹ́sọ̀ tuntun lọ́jọ́ iwájú, ibi tí AM4 tí 5600G ń lò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin ẹ̀ nìyẹn. Èmi ṣì dúró lórí 8600G fún ọmọ Bọ̀dá.

Bọ̀dá Férémù

Ẹ ti wá dà mí láàmú jù bí mo ṣe wá lọ. Ẹ jẹ́ kí n lọ bèèrè iye ẹ̀ lọ́jà.

Tọ́pẹ́ Ṣàgámù

Ọ̀rẹ́ mi ti yá mi ní GT 710 kan, ojú mọ́nítọ̀ ti tàn. Ẹ ṣeun mà. Àmọ́ ọ̀rẹ́ mi ní Sátidé lòun á wá gbà á.

Adéwálé Bódìjà

Ìbéèrè ìkẹyìn kí n tó sùn. Ọjọ́ tí RX 6600 bá dé, ṣé mo máa kọ́kọ́ pa gíráfíìsì inú ẹ̀ nínú bíósì?

Ìyá Ìbejì Òṣogbo

Fi sílẹ̀, kò dí ẹ lọ́wọ́. Wáyà mọ́nítọ̀ nìkan ni kó o yọ lára mọ́dábọ́ọ̀dù, kó o ki bọ ẹ̀yìn káàdì. Èèyàn mẹ́ta ló ti gbé káàdì tuntun wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pé kò ṣiṣẹ́, tó jẹ́ pé ihò àtijọ́ ni mọ́nítọ̀ wọn ṣì wà.